Àbẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó jí dátà rẹ

Ìwó,
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní èlùbọ́ tí o béèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò bá wa gbé e dé Adó-Èkìtì la ń wá.

Nígbà tí o pè mí lánàá tí inú ń bí ọ, tí o ní àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti jí dátà rẹ, mi ò fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu. Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹni méjì mẹ́ta kì í gbé irú ẹjọ́ yìí wá sídìí tábìlì mi. Nígbà míì, lóòótọ́, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwòrán ojú fóònù tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí n kà á fún ọ.

O ra 1GB lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìyẹn jẹ́ 1024 MB. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, o tẹ *323#, wọ́n ní ó ku 391 MB. A jẹ́ pé 633 MB ti lọ láàárín ọ̀sán kan àti òru kan, bẹ́ẹ̀ o ní o ò wo fídíò kankan. Mo gbà ọ́ gbọ́. Wo ojú ewé tí wọ́n kọ App data usage sí nínú àwòrán náà: Wáásáàpù jẹ 74 MB, Chrome jẹ 41, àwọn wẹ́wẹ́ yòókù pa pọ̀ jẹ 16. Play Store nìkan jẹ 502. Níbi tí o ti tẹ orúkọ rẹ̀, ó pín 502 yẹn sí ọ̀nà méjì: Foreground 3 MB, Background 499 MB. Foreground ni èyí tó jẹ nígbà tí o ṣí i tí o ń wò ó. Background ni èyí tó jẹ nígbà tí o kọ ẹ̀yìn sí i. O ti sùn, dátà wà ní títàn, òun ń wọ ápídéètì fún áàpù lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìdí tí ojú ewé yẹn fi ṣe é gbà gbọ́ ni pé síìmù rẹ kò tíì wọ inú fóònù yẹn rí kí ó tó di ọjọ́ Àìkú. Fóònù a máa ka ti síìmù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ká ní ó ti pẹ́ níbẹ̀ ni, iye gbogbo oṣù ni ìwọ ìbá máa wò, ìwọ ìbá sì rò pé òru ọjọ́ kan ni.

Wàyí o, ta ló sọ fún Play Store pé kó máa ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Nígbà tí mo ń to fóònù yẹn fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù, síìmù mi ni mo kọ́kọ́ kì sí i. Mo yàn án pé kí áàpù máa wọlé lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòówù kó jẹ́, kí ó lè yá, nítorí dátà mi pọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe yọ síìmù mi báyìí, mi ò rántí dá a padà. Má bínú. Èmi tí mo ń ṣe é fún àwọn oníbàárà, n kò ṣe é fún ọmọ mi. Fóònù tuntun sì ni èyí tó burú jù fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀: àwọn áàpù tí wọ́n kó sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ti pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wa, gbogbo wọn ló ń wá ápídéètì lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan àwọn géèmù tí o ò ní ṣí láéláé.

Bí wàá ṣe pa á rèé. Ṣí Play Store. Tẹ àmì róbótó tí lẹ́tà orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀, lókè lápá ọ̀tún. Tẹ Settings, lẹ́yìn náà Network preferences, lẹ́yìn náà Auto-update apps. Wàá rí i pé Over any network ló wà ní yíyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí o yàn ni Don't auto-update apps. Bí o ti wà nínú Network preferences yẹn náà, wo App download preference, kí o fi í sí Ask me every time, kí ó lè máa bi ọ́ kí ó tó wọ ohunkóhun.

Wàá bi mí pé kí ló dé tí n kò ní kí o yàn Over Wi-Fi only, tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń yàn. Ibí yìí gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é sọ tán lórí ìpè. O sọ fún mi pé nígbà tí dátà rẹ bá tán, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ wà ní yàrá máa ń tan họ́tísípọ́ọ̀tì fún ọ láti orí áífóònù rẹ̀. Ojú Wáìfáì ni fóònù rẹ fi ń wo họ́tísípọ́ọ̀tì. Kò mọ̀ pé dátà tí ẹnì kan fi owó rà ló ń ṣàn níbẹ̀. Bí o bá yan Over Wi-Fi only, gbogbo ápídéètì tó ti ń dúró láti ọjọ́ yìí wá lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní wákàtí tí ọmọ ọlọ́mọ ṣàánú rẹ. Dátà ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò tán, ìwọ ni yóò sì máa fura sí.

Mo rí èyí lọ́wọ́ aránṣọ kan tó ra máífáì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti yan Wáìfáì nìkan, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àfi bí 5GB ṣe lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Fóònù mẹ́ta ló so mọ́ máífáì kan, olúkúlùkù wọn ń wọ ápídéètì tirẹ̀.

Àwọn fóònù Áńdírọ́ìdì sábà máa ń ta ara wọn lólobó: bí ọ̀kan bá tan họ́tísípọ́ọ̀tì fún èkejì, ó lè sọ fún un pé dátà tí a ń ka owó lé ni èyí, rọra. Bí ó bá jẹ́ áífóònù tàbí máífáì ló ń fún ọ, má gbára lé e pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́. Nígbà tí o bá so mọ́ ọn, lọ sí Settings, tẹ Wi-Fi, tẹ àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ họ́tísípọ́ọ̀tì náà, wá Network usage, kí o yan Treat as metered. Ọ̀rọ̀ náà lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù dé fóònù, ṣùgbọ́n wá ibi tí o bá ti rí metered. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ṣe é fún họ́tísípọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, fóònù yóò rántí.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń lo Tẹ́kínò bíi tìrẹ kì í mọ̀. Palm Store wà nínú fóònù yẹn, ọjà áàpù mìíràn sì ni, lọ́tọ̀ sí Play Store. Ohun tí o bá yàn fún Play Store kò kàn án. Lọ sí Settings, tẹ Apps, wá Palm Store, ṣí ibi tí wọ́n kọ Mobile data sí, kí o pa Background data. Má ṣe ìyẹn fún Wáásáàpù o, torí bí o bá pa á, iṣẹ́ tí a bá jẹ́ sí ọ kò ní dé títí wàá fi ṣí i fúnra rẹ, ìyá rẹ yóò sì máa rò pé o ń ṣàìsàn.

Pé a pa á kò túmọ̀ sí pé kí áàpù rẹ máa gbó síbẹ̀. Wáásáàpù tó bá ti pẹ́ jù á kọ̀ láti ṣiṣẹ́ títí o fi fún un ní tuntun. Áàpù báńkì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí o bá fẹ́ san owó ní kíákíá ló sì máa ń yàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, inú ápídéètì ni wọ́n ń gbà dí àwọn ihò tí olè ń bá wọlé. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nígbà tí o bá wà níbi tí Wáìfáì ilé ìkàwé dé, tàbí tí o bá ra dátà òru, ṣí Play Store, tẹ àmì orúkọ rẹ, tẹ Manage apps & device. Ibi tí wọ́n kọ Updates available sí ni kí o tẹ See details. Ìwọ̀n áàpù kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Mú báńkì, mú Wáásáàpù, mú Chrome. Má tẹ Update all, torí ohun tí à ń sá fún gan-an nìyẹn. Géèmù tí o ò bá ta, yọ ọ́ kúrò.

Bí o bá rí i pé Google Play services ṣì ń jẹ díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, má da ara rẹ láàmú. Òun kì í gba àṣẹ wa tán.

Lálẹ́ ọ̀la, kí o tó sùn, tẹ *323#, kọ iye tó kù sórí ìwé, fi dátà sílẹ̀ ní títàn. (Kóòdù yẹn bá gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mu láti 2023, nítorí náà kódà bí o bá pààrọ̀ síìmù, òun náà ni.) Bí ilẹ̀ bá mọ́, tún un tẹ̀. Bí 10 tàbí 20 MB bá lọ, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn jẹ́ sí ọ lóru ni, kò sí nǹkan kan. Bí ó bá ju 100 lọ, padà sí App data usage, wo ẹni tí Background rẹ̀ ga jù, ya àwòrán rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó ra òmíràn.

Mo ti fi 1GB sí síìmù rẹ báyìí, dípò èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.