Lẹ́tà ẹ̀sùn: 36,000 sẹ́fà tí ẹ gbà lé páálí igbá mi lórí

Kétu

Sí Ọ̀gá ẹ̀ka ẹrù bàálù,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà karùn-ún rèé tí mo máa kàn sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo wọkọ̀ láti Kétu wá sí ọ́fíìsì yín ní Kútọnù, mo sì jókòó láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé ọ̀gá máa pè mí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì mẹ́ta ti kọjá báyìí, fóònù mi kò dún. Nọ́ńbà ẹrù mi wà lórí ìwé tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí, ẹ ó rí ìyókù nínú kọ̀ǹpútà yín.

Owó dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu káńtà sọ sí mi ló mú kí n kọ̀wé. Mo bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé báwo ni páálí tó wọn kílò 11 lórí òṣùwọ̀n yín ṣe di kílò 32 nínú ìwé owó. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, o ò mọ nǹkan kan nípa bàálù. Ẹrù rẹ gba àyè. Bí o ò bá fẹ́ san, wá gbé e." Ó ń pè mí ní ìyá, ó sì ń bá mi sọ "o". Àbígbẹ̀yìn mi ṣe ẹ̀gbọ́n fún un. Nílé wa níbí, ọmọ tó bá báyìí sọ̀rọ̀ sí àgbà kò ní dìde láìkúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún fi ọ̀rọ̀ àyè dá mi lóhùn. Òwò igbá fífín ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí Páríìsì. Igbá kò wúwo, inú rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n ó máa ń gba ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ohun méjì ló máa ń tán nínú ikùn bàálù: agbára tó fi ń gbé ẹrù, àti àyè tí ẹrù ń wà. Bí ẹ bá kó igbá mi kún un, àyè á tán nígbà tí agbára ṣì kù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ epo tí bàálù ń jó àti owó awakọ̀ kò ní tìtorí ìyẹn dínkù tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ kílò orí òṣùwọ̀n nìkan lẹ fi ń gbowó, ẹni tó kó gààrì ló máa san owó àyè tí èmi gbà. Bákan náà ni bí mo bá gbé àpò òwú wọ táàsì lọ sí Àjàṣẹ́: awakọ̀ kò ní wọ̀n ọ́n, ìjókòó èèyàn tó gbà ló máa gbowó rẹ̀. Mo gba bẹ́ẹ̀. N kò bá yín jà lórí rẹ̀ rí.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n á sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀ mọ́ra wọn, tí wọ́n á sì fi 6000 pín in. Ohun tó bá jáde ni kílò àyè. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín rẹ̀ àti kílò orí òṣùwọ̀n ni oníbàárà máa san. Ọjọ́ tí mo gbé páálí mi wá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ na téèpù sí i: 60, 50, 40. Ó jẹ́ 120,000, ẹ fi 6000 pín in, ó di kílò 20. Sẹ́fà 3,000 ni kílò kan. Mo ka 60,000 lélẹ̀, ẹ sì kọ 6000 yẹn sórí ìwé tí ẹ fún mi. Bí gààrì ló kún inú páálí kan náà, ó máa wúwo ju kílò 20 lọ fíìfíì, ẹ ò bá sì ti gba owó ìwúwo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì lẹ pè mí pé ó ti di kílò 32, pé ẹrù kò ní wọ bàálù àfi tí mo bá san 36,000 sí i. Oníbàárà mi ń dúró, mo san. Ìwé owó kejì kọ 64, 54, 46 síbẹ̀, kò kọ ohun tí ẹ fi pín in. Mo jókòó ti kakulétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 158,976. Mo fi 6000 pín in, ó fún mi ní kílò 26 àti ààbọ̀. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kò dé 32. Ìgbà tí mo fi 5000 pín in ló jáde: 31.8, ẹ sún un sókè di 32.

Iye tí àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ kíákíá, tí wọ́n ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹni, máa ń lò ni 5000. Bí wọ́n bá fi nọ́ńbà tó kéré pín in, kílò á pọ̀ sí i. Ẹrù lásán ni mo san fún, láti pápákọ̀ dé pápákọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò kó tó dé, oníbàárà mi ló sì lọ gbé e fúnra rẹ̀.

Ti wíwú páálí náà ń kọ́? Igbá mi máa ń wọnú ara wọn ni, kékeré nínú ńlá, mo sì ń fi àkísà sáàárín kí wọ́n má bàa fọ́. Bí mo ṣe dì wọ́n nìyẹn, páálí tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ yín tú u láti yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ wọn ni, n kò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò tò ó padà bí wọ́n ṣe bá a. Wọ́n kàn tì í bọ inú rẹ̀, ikùn páálí yọ síta, wọ́n fi téèpù yíká lé e. Ibi tó bá yọ síta jù lẹ máa ń wọ̀n, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà mi ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe dé: igbá ńlá méjì dojú kọra, òfìfo, àwọn kékeré sì wà ní ẹ̀gbẹ́. Mo so fọ́tò náà mọ́ èyí, pẹ̀lú èyí tí mo yà lórí káńtà yín kí ẹ tó tú u.

Nítorí náà, ẹ dá 36,000 sẹ́fà mi padà. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ jiyàn lórí wíwú, kílò 26 àti ààbọ̀ jẹ́ 79,500, èyí tó túmọ̀ sí pé 16,500 wà lọ́wọ́ yín tí kò sí ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn pè mí fúnra rẹ̀, kó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fún yín láti ọjọ́ tí ẹ bá gba lẹ́tà yìí. Bí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, ilé ẹjọ́ ìṣòwò ní Kútọnù ni mo ń gbé àwọn ìwé méjèèjì àti fọ́tò lọ. Àwa tó ń kó igbá àti apẹ̀rẹ̀ ránṣẹ́ láti Kétu àti Sábẹ kò kéré, mo sì ti fi ìwé owó yín han mẹ́ta nínú wọn. Wọ́n ti ń fi 6000 pín tiwọn wò.

Èmi ni,
Ìyá oníṣòwò igbá fífín, Kétu