Dátà wa tó ṣẹ́kù kì í ṣe ogún ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ẹ̀yin olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Láàárọ̀ àná, mo fẹ́ fi àwòrán àdìrẹ ránṣẹ́ sí oníbàárà kan láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìtòkú, àwòrán kọ̀, kò lọ. Mo tẹ *323#, wọ́n ní mi ò ní dátà kankan. Bẹ́ẹ̀ gíìgì 3 ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo lọ sùn! Mo pe 300, ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú mà, ọjọ́ rẹ̀ ti pé." Mo ní ṣebí wọ́n máa ń kó èyí tó ṣẹ́kù mọ́ tuntun. Ó ní ó yẹ kí n ti ra òmíràn kó tó di aago mẹ́sàn-án.

Ta ló sọ fún mi pé aago mẹ́sàn-án ni? "Dátà oṣù kan" ni wọ́n kọ sára ìpolówó. Àṣé ọgbọ̀n ọjọ́ géérégé ni wọ́n ń kà, wákàtí sí wákàtí, kò sì kàn wọ́n bí oṣù bá ní ọjọ́ 31. Bí ẹ bá ra tiyín ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, aago 9 àárọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ló parí. Ẹni tó bá ń retí ọjọ́ 5 ti pàdánù.

Bí rólófà, ìyẹn kíkó dátà tó ṣẹ́kù mọ́ tuntun, ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi nìyí. Bí gíìgì 3 bá ṣẹ́kù, tí ẹ sì ra 10 míì kí wákàtí yẹn tó kọjá, ó di 13, gbogbo rẹ̀ á sì máa tẹ̀lé ọjọ́ tí tuntun máa parí. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá fi lé, 10 péré lẹ máa rí. Wọ́n ní a lè ní kó máa ra ara rẹ̀, àmọ́ bí kíréèdì tó wà lórí fóònù ní wákàtí yẹn ò bá tó owó rẹ̀, bó jẹ́ náírà 50 ló dín, kò ní rà á, èyí tó ṣẹ́kù á sì lọ. Ìṣẹ́jú ìpè tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀bùn ńkọ́? Ìyẹn kì í tilẹ̀ rékọjá sórí tuntun rárá.

Owó wa ni wọ́n ń kó lọ! Bí gíìgì 10 bá jẹ́ 5,000 náírà, gíìgì 3 tó pòórá jẹ́ 1,500. Ẹni tó ta gáàsì fún mi ní Kútọ̀ kì í wá tú sìlíńdà mi dànù nígbà tí oṣù bá parí.

Láti 2018 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti pàṣẹ pé kí dátà tó ṣẹ́kù máa rékọjá. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n fọwọ́ sí i kí ilé-iṣẹ́ fi iye tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó ìpè àti dátà. Àfikún owó yá kánkán. Àmọ́ àwọn ọ̀gá tó yẹ kó bójú tó ìyà tó ń jẹ wá jókòó sínú ọ́fíìsì tútù, ilé-iṣẹ́ sì ń fi ọgbọ́n yẹ àṣẹ náà sílẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ nìyí. Kí wọ́n má pa dátà tó ṣẹ́kù rẹ́, kí wọ́n tì í pa. Kọ̀ǹpútà wọn mọ iye tó kù lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ìgbàkígbà tí oníbàárà bá tún ra dátà, kódà lẹ́yìn oṣù méjì, kí wọ́n ṣí i fún un. Wọ́n lè ní àyè orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oṣù tó kọjá kò ṣeé tọ́jú, pé bí gbogbo èèyàn bá lo tàná pọ̀ mọ́ tòní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fà. Mo gbà. Nítorí náà, kí wọ́n fi ìwọ̀n sí i: bí mo bá ra gíìgì 2, kí wọ́n dá 2 padà nínú 3 mi, bí mo bá tún ra 1, kí wọ́n dá 1 tó kù padà. Oníbàárà ò ní sá fún wọn, àwọn náà ò sì ní pàdánù.

Kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìkìlọ̀ sì máa sọ wákàtí gan-an, kì í ṣe "láìpẹ́".

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, bí ọjọ́ dátà yín bá ti pé, ẹ pa dátà orí fóònù kí ẹ tó fi káàdì sí i, torí kíréèdì gan-an ló máa ń jẹ kí ẹ tó ra òmíràn. Bí wọ́n bá sì kó tiyín lọ, ẹ pe 300, ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ wọn. Bí wọn ò bá yanjú rẹ̀, ẹ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sọ́dọ̀ NCC lórí 622. Èmi ti gba tèmi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta