Àbẹ̀kẹ́, Má Tíì Fọwọ́ Kan Àwọn Àṣìkọ Yẹn

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Láti ìgbà tí o ti fi àròkọ tí olùkọ́ rẹ ṣe máàkì ránṣẹ́ sí mi ni n kò ti gbúròó rẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi pé o ti ń tún un kọ, àti pé àwọn àṣìkọ lo kọ́kọ́ dojú kọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ara bàbá rẹ ti yá, ó sì ní kí n kí ọ.

Olùkọ́ kọ “àpèjúwe ti pọ̀ jù” sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kejì, ìwọ wá ń wá àmì ohùn kiri! Bí o bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe tán, àwọn gbólóhùn tí o ṣe làálàá lé lórí yẹn gan-an lè jẹ́ èyí tó yẹ kí o yọ kúrò. Olùkọ́ kò sọ pé o kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń sọ pé o ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n o kò sọ ohun tí ó já mọ́ fún ìbéèrè tí wọ́n bi ọ́.

Ìbéèrè náà ni pé dé ìwọ̀n wo ni pípa tí wọ́n pa àrẹ̀mọ Ọ́síríà fi jẹ́ okùnfà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ohun tí o kọ nìyí: “Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914, wọ́n yìnbọn pa àrẹ̀mọ náà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, Jámánì ṣèlérí ìtìlẹ́yìn fún Ọ́síríà. Ní ọjọ́ 23, Ọ́síríà kọ ìwé ìkìlọ̀ sí Sẹ́bíà. Ní ọjọ́ 28, ó kéde ogun.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ìbéèrè náà rí lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mú pẹ́ńsù, kí o kọ “kí ló ṣẹlẹ̀” tàbí “kí nìdí” sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. “Kí ló ṣẹlẹ̀” mẹ́rin ni mo rí níbẹ̀, n kò rí “kí nìdí” kan ṣoṣo.

Mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ, ọmọ mi. Èmi ni mo máa ń ní kí o ròyìn ọjọ́ rẹ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí o bá sì fo ibì kan, n ó ní kí o padà síbẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí mo ń kọ́ ni mò ń bi ní ìdí. N kò bi ìwọ. Ó ń dùn mí.

Wo bí ìpínrọ̀ kan náà ṣe lè rí: “Ikú àrẹ̀mọ náà dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló sọ ìjà náà di ogun. Odindi oṣù kan ló kọjá láàárín ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1914 àti ìkéde ogun. Láàárín oṣù náà ni Jámánì ṣèlérí ìtìlẹ́yìn, ìlérí yìí ló sì ki Ọ́síríà láyà láti le mọ́ Sẹ́bíà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Rọ́ṣíà lè dá sí ọ̀ràn náà.” Gbólóhùn àkọ́kọ́ ti dá ìbéèrè lóhùn, àwọn tó tẹ̀ lé e sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nínú àwọn tí o kọ ti kúrò, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Bí o kò bá yọ wọ́n, iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún ọ yóò tán kí o tó dé orí ìdí.

Má wá lọ lẹ “èyí fi hàn pé” mọ́ ìparí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan o. Bí o bá kọ “èyí fi hàn pé Jámánì ti Ọ́síríà lẹ́yìn,” ohun tó ṣẹlẹ̀ náà lo tún sọ. Fi ọwọ́ bo gbólóhùn tó ṣáájú; bí èyí tó tẹ̀ lé e kò bá ní ohun tuntun nínú, yọ ọ́. Ṣùgbọ́n má yọ ìtàn náà tán pátápátá, nítorí ó yẹ kí òǹkàwé mọ ẹni tó kú àti ìgbà tó kú.

Má bínú pé mo ń pariwo. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí kí o má lọ dá àròkọ kan náà padà fún olùkọ́ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ìgbẹ̀yìn ni àṣìkọ. Ìpínrọ̀ kẹta, èyí tó dá lórí Rọ́ṣíà, ni kí o kọ́kọ́ tún kọ kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi. O ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ni Rọ́ṣíà pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun rẹ̀ jáde, àti pé Jámánì gbógun tì í ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Kí ló dé tí Jámánì kò fi lè dúró kó kàn máa wò ó? Ìdáhùn rẹ ni mò ń retí.

Èmi ni ìyá rẹ.