Kí ẹ tó tú tẹlifíṣọ̀n kúrò lára ògiri

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà o.

Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń gbé wá fún wa pé ó ń ṣe bọ́fà, tí òrùka kékeré yẹn ń yí lójú rẹ̀ tí fíìmù ò sì lọ, ó pọ̀. Bí a bá tàn án ní ṣọ́ọ̀bù, geere ló máa ń lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ló sábà máa ń fà á.

Fóònù yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wò ó. Ẹ dúró ti ráútà, ẹ ṣí fast.com, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó bá jáde sílẹ̀: bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó ni, Mbps ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ wá tún un ṣe níwájú tẹlifíṣọ̀n, lórí Wáì-Fáì kan náà. Ká ní ti ẹ̀gbẹ́ ráútà jẹ́ 30, ti iwájú tẹlifíṣọ̀n wá jẹ́ 4, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti ń jò dànù. Netflix ń fẹ́ 5 fún àwòrán 1080p, ó ń fẹ́ 15 fún 4K. 4 ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 2 ní ibi méjèèjì, ẹ má wulẹ̀ ra kébù. Èyí tó ń wọlé gan-an ló kéré, àgàgà lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá wà lórí òpó kan.

Ká padà sí 30 àti 4 yẹn. Ọ̀pọ̀ ráútà ló ní báńdì méjì. 2.4GHz ń la ògiri kọjá dáadáa, àmọ́ Wáì-Fáì àwọn aládùúgbò kún inú rẹ̀, máíkírówéfù náà sì ń dà á láàmú. 5GHz yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti sọ ọ́ di aláìlágbára. (5G tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ Wáì-Fáì náà kì í ṣe 5G ti fóònù o.) Nítorí náà, ẹ gbé ráútà kúrò ní yàrá bọ́ sí ibi tó ga ní pálọ̀, kó má ṣe wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ tó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ 5GHz.

Bí ráútà ò bá ṣeé gbé, ẹ fa kébù nẹ́tíwọ́ọ̀kì Cat5e láti ráútà dé tẹlifíṣọ̀n. Ihò kébù ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ò kọjá 100 Mbps, ìyẹn sì tó yín lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí iná tó wà níbi ihò ráútà ò bá tàn, orí kébù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: èékánná ike rẹ̀ máa ń ṣẹ́, kébù á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀.

Bó bá jẹ́ áàpù kan ṣoṣo ló ń dúró, tí àwọn yòókù ń lọ, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ káàṣì, ìyẹn àwọn fáìlì tí áàpù náà kó pamọ́ fún ìgbà díẹ̀. Lórí Google TV, ẹ lọ sí Settings, Apps, See all apps, ẹ mú áàpù náà, kí ẹ tẹ Clear cache. Ẹ má tẹ Clear data, àfi tí ẹ bá rántí páásíwọ́ọ̀dù yín. Bí tiyín ò bá ní èyí, ẹ yọ tẹlifíṣọ̀n lára sọ́kẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan. Rímóòtù kàn ń mú un sùn ni.

Bí nọ́ńbà iwájú tẹlifíṣọ̀n bá wá tó 20, tí gbogbo áàpù ṣì ń dúró, ẹ gbé e wá pẹ̀lú rímóòtù, kí ẹ sì mú nọ́ńbà méjèèjì tí ẹ kọ sílẹ̀ dání.