Ìnàró kan, rùkúù kan, ìforíkanlẹ̀ méjì: lẹ́tà sí Àkànní

Ìṣọ̀kùn, Iléṣà.

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi lálẹ́ Ọjọ́rú, mo sì tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ní látìgbà tí o ti ń bá àwọn ọ̀gá rẹ lọ kírun ní Sábó, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ lò ń wò. Tó bá tẹ̀, ìwọ náà á tẹ̀. Tó bá forí kanlẹ̀, ìwọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ geere títí di ìrọ̀lẹ́ tí o pẹ́ dé Màgàríbì, tí lèmọ́mù sálámà, tí àwọn èèyàn dìde ń lọ, tí kò wá sí ẹ̀yìn ẹnì kankan tí o lè wò mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, má bínú. Èmi náà ti wo ẹ̀yìn èèyàn rí.

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ọ̀dọ̀ màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lo dàgbà sí, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń mú ọ lọ. Èmi fúnra mi, ọdún tí mo wọlé bàbá rẹ ni mo tó kọ́ ọ, lọ́wọ́ ìyá wọn, ìyá àgbà tí o ò bá láyé. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni màá ṣe kọ́ ọ.

Wọ́n ní kí n má ka ìrun márààrún sí nǹkan márùn-ún. Nǹkan kan ṣoṣo ni, ráká ni wọ́n ń pè é, òun là ń ṣe ní àṣetúnṣe. Ìnàró kan, rùkúù kan níbi tí a ti ń tẹ ẹ̀yìn, ìforíkanlẹ̀ méjì: ráká kan nìyẹn. Àsùbáà jẹ́ ráká méjì, Àìlà mẹ́rin, Àlàásàrí mẹ́rin, Màgàríbì mẹ́ta, Ìṣáì mẹ́rin. Tí o bá ro ó pọ̀, ráká 17 ni lójúmọ́, ìforíkanlẹ̀ 34. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan ṣe dáadáa ti mọ gbogbo rẹ̀. Ibi tí èèyàn ti ń jókòó nìkan ló kù, màá dé bẹ̀.

Lẹ́yìn àlùwàlá, o ó dúró, o ó kọjú síbi tí mọ́sálásí kọjú sí, o ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè dé ìbámu èjìká, o ó wí pé "Àlláhù Ákíbárù". Kábárà yìí ló ń ṣílẹ̀kùn ìrun, orí ìnàró sì ni wọ́n ti ń wí i. Mo máa ń rí àwọn tó bá sáré wọlé tí lèmọ́mù wà ní rùkúù, wọ́n á máa kábárà bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́ dúró ṣinṣin, wí i, kí o tó tẹ̀. Ní ti ọwọ́, àwọn àgbà ilé wa á jẹ́ kó wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìsinsìnyí á ká a lé àyà. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. O ó wá ka Fátíà, o ó sì fi súrà kékeré kan tì í ní ráká méjì àkọ́kọ́.

Ibi rùkúù gan-an ni ìyá àgbà ti dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́dẹ̀dẹ̀ ni, lẹ́yìn tí a bá ti jẹun ọ̀sán. Wọ́n á ní kí n tẹ̀, wọ́n á gbé ife ike tí omi dé ìdajì rẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, omi dà sí mi lọ́rùn, nítorí mo doríkodò jù. Lọ́jọ́ kejì, ó dà sí ìdí ìró mi, nítorí mo kàn tẹ́ orúnkún ni, mi ò tẹ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kẹta ni ife tó dúró. (Ìdánrawò nìyẹn o, a kì í gbé ife lé ẹni tó ń kírun lẹ́yìn.) Àtẹ́lẹwọ́ á di orúnkún mú, ìka á yà síra, ẹ̀yìn á tẹ́jú, orí kò ní lọ sókè kò sì ní lọ sílẹ̀. Bí Áíṣà ìyàwó Ánábì ṣe ròyìn orí ọkọ rẹ̀ nínú rùkúù náà nìyẹn. Níbẹ̀ ni wàá ti wí pé "Súbùhánà Rọ́bíyàl Àsíímù" lẹ́ẹ̀mẹta.

O ó wá dìde pẹ̀lú "Sàmí Álláhù límán ámídà", o ó sì nàró tán pátápátá. Ibí yìí ni mo ti jìyà. Mo máa ń ti rùkúù já lulẹ̀ ni, mo kàn máa ń gbé èjìká sókè díẹ̀. Láàárín ìforíkanlẹ̀ méjèèjì náà, mi ò kì í jókòó délẹ̀. Ọjọ́ kan ni ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wò mí, nígbà tí mo sálámà wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ìrun lo kí ni àbí àgbàdo lo ṣà?" Adìyẹ ni wọ́n fi mí wé. Wọ́n wá pa ìtàn ọkùnrin kan fún mi, èyí tí Àbú Hùráírà, ọmọlẹ́yìn Ánábì, gbà wá. Ọkùnrin náà wọ mọ́sálásí, ó kírun, ó wá kí Ánábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a). Ánábì dá a lóhùn, ó sì ní kó padà lọ kírun, torí kò tíì kírun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán an padà, títí ọkùnrin náà fi ní òun ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ́ òun. Ánábì wá ní kó tẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀ nínú rùkúù, kó dìde títí yóò fi nàró gbọnrangandan, kó forí kanlẹ̀ títí ara á fi balẹ̀, kó jókòó títí ara á fi balẹ̀. Ṣé o rí i? Ọkùnrin yẹn mọ èyí tó ń ṣáájú àtèyí tó ń tẹ̀ lé e. Ìdúró láàárín wọn ni kò sí. Bí o ṣe máa mọ̀ pé o dúró tó ni pé kí gbogbo oríkèé rẹ ti sinmi kí o tó kúrò níbi tí o wà. Tí o bá ṣì ń wí ọ̀rọ̀ rùkúù nígbà tí o ti ń dìde, o yára jù.

Ìforíkanlẹ̀ ni ẹ̀yà ara méje máa ń kanlẹ̀ fún: iwájú orí pẹ̀lú imú, ọwọ́ méjèèjì, orúnkún méjèèjì, àti ìka ẹsẹ̀ méjèèjì. Àsìṣe méjì ni mò ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ rẹ. Fìlà tí o máa ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tì í sẹ́yìn kí iwájú orí lè kan ẹní. Ìkejì ni ẹsẹ̀: olùkọ́bẹ̀rẹ̀ á forí kanlẹ̀ tán, ẹsẹ̀ á wà lófuurufú bí ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ṣẹ́ ìka ẹsẹ̀ rẹ sílẹ̀. Gbé ìgbọ̀nwọ́ kúrò nílẹ̀ pẹ̀lú, Ánábì kọ̀ kí a tẹ́ apá sílẹ̀ bí ajá. "Súbùhánà Rọ́bíyàl Áàlà" lẹ́ẹ̀mẹta, jókòó, forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ráká kan ti pé.

Tí rùkúù bá wá ṣáájú Fátíà, tàbí tí o forí kanlẹ̀ láìṣe rùkúù ńkọ́? Ráká yẹn ò wọlé, àfi kí o ṣe òmíràn dípò rẹ̀.

Ó ku ìjókòó. Gbogbo ráká méjì ni ìjókòó tí a ti ń ka Àtàyá wà lẹ́yìn rẹ̀, ìjókòó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ráká tó kẹ́yìn, níbi tí o ti máa sálámà. Nítorí náà, Àsùbáà ní ìjókòó kan, àwọn yòókù ní méjì méjì.

Jẹ́ ká wá mú Màgàríbì rẹ yẹn. O ní o bá wọn lórí ìnàró ráká kẹta, o kábárà, o bá lèmọ́mù ṣe rùkúù. Ó dáa, ráká yẹn jẹ́ tìrẹ, torí ẹni tó bá bá lèmọ́mù ní rùkúù kó tó dìde ti bá ráká. Ká ní ó ti gbórí sókè kí o tó tẹ̀ ni, wàá ṣì tẹ̀ lé e lọ síbi ìforíkanlẹ̀, ṣùgbọ́n o ò ní kà á. Ẹ̀kẹta lèmọ́mù, ẹ̀kìn-ín-ní tìrẹ ni. Ó jókòó, o bá a jókòó, nítorí pé ò ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó sálámà, ìwọ ò sálámà. O dìde. Títí débẹ̀, o ṣe é re.

O wá ní o kí ráká méjì pọ̀ láìjókòó láàárín wọn, o sì sálámà. Ibẹ̀ lo ti ṣì í. Ráká tí o dìde kí yẹn ni ìkejì rẹ, ìjókòó Àtàyá sì wà lẹ́yìn ìkejì. O yẹ kí o jókòó, kí o dìde fún ẹ̀kẹta, kí o tún jókòó, kí o tó sálámà. Ráká mẹ́ta, ìjókòó mẹ́ta! Ìdí rẹ̀ nìyí tí orí fi máa ń dàrú fún ẹni tó bá pẹ́ dé Màgàríbì. Ìwọ ṣáà máa ka ráká tìrẹ lórí ìka, má ka ti lèmọ́mù. Tó bá jẹ́ pé Àìlà lo bá ráká kan níbẹ̀, wàá dìde kí ẹyọ kan, wàá jókòó, wàá tún kí méjì, wàá wá jókòó ìgbẹ̀yìn. Ti Ọjọ́rú yẹn, tún un kí, kò lè gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Tí ìwọ nìkan bá ń kírun, tí o gbàgbé ìjókòó àárín, tí o sì ti nàró tán kí o tó rántí, má padà sílẹ̀. Máa bá a lọ, kí o forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí kí o tó sálámà. Ó ṣẹlẹ̀ sí Ánábì pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀ bóyá méjì lo kí ni àbí mẹ́ta, mú méjì.

Àsùbáà ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ ìdánìkankí, nínú yàrá rẹ, torí ráká méjì ni, ìjókòó kan. Fi ọ̀sẹ̀ kan kí i láìwo ẹnikẹ́ni. Fátíà tí kò tíì dúró lẹ́nu rẹ, má jẹ́ kó dá ọ dúró. Ẹ̀yìn lèmọ́mù ni kí o máa kí ìyókù títí yóò fi dúró, kí o sì máa ka ìlà kan fún mi lórí fóònù lálaalẹ́.

Mo ti fi ẹní ìrun ìyá àgbà rán dẹ́rẹ́bà tó ń ná Iléṣà sí Ifẹ̀, wàá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Lágere lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ojú ibi tí orúnkún wọn ti jẹ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, méjì, àti ibi iwájú orí lókè. Fi orúnkún sí ibi tiwọn. Ti iwájú orí á kọjá ibẹ̀ díẹ̀, torí o ga jù wọ́n lọ.

Bàbá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.