Lẹ́tà sí Àjàní lórí owó ilé

Àjàní, ọmọ Ìyèrú Ọ̀kín,

Ìyá ẹlẹ́kọ tó dé láti Ìlọrin lánàá ló sọ fún mi pé lánlọ́ọ̀dù yín ti wá kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè ọ́ títí, o ò gbé e. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ti ń san. Ewúrẹ́ bí méjì. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn: ṣé wọn ò ní kó ẹrù yín síta báyìí?

Wàá ní iṣẹ́ kápẹ́ńtà kì í mówó wá lóṣooṣù. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mú kàlẹ́ńdà ara ògiri yín wá. Owó ilé, 240,000 náírà, oṣù kìíní. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, 45,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan: oṣù kẹsàn-án, oṣù kìíní, oṣù kẹrin. Ṣé o rí i? Oṣù kìíní ni méjèèjì já lù ọ́ pọ̀, 285,000, nígbà tí ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ná gbogbo èèyàn tán, tí kò sẹ́ni tó ń ra àga.

Àròpọ̀ ọdún kan jẹ́ 375,000. Pín in sí oṣù méjìlá, 31,250 ni. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé oṣù tó burú jù fún yín lọ́dún tó kọjá, 80,000 ló kù lẹ́yìn owó pákó. Oṣù burúkú yẹn ni kí o fi wọn ara rẹ, má fi oṣù Iléyá wọ̀n ọ́n. Nínú 10,000 tó bá wọlé, yọ 4,000 lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nínú 80,000, 32,000 nìyẹn, ó tó. Bí oṣù kan bá wá ṣófo pátápátá, èyí tó lé nínú oṣù tó dára ni yóò dí i. Kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà pé bí oṣù kẹsàn-án bá parí, 180,000 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ fún owó ilé nìkan. Bí kò bá pé, o ṣì ní oṣù mẹ́ta láti wá a.

Olóríkunkun ọmọ, gbọ́ èyí dáadáa! Owó tí oníbàárà san sílẹ̀ kì í ṣe tìrẹ. Bí wọ́n bá fún ọ ní 100,000 fún bẹ́ẹ̀dì, tí pákó àti pólíìṣì máa gba 65,000, 35,000 lo rí, 14,000 ni wàá yọ. Ọjọ́ tí o bá fi owó ẹni kejì ra pákó ẹni àkọ́kọ́, mọ̀ pé o ti ná owó ilé.

Àjàní mi, o rántí ọjọ́ tí wọ́n kó ẹrù wa síta? Orí mátírẹ́ẹ̀sì lo jókòó sí, o di ìkòkò ọbẹ̀ mú. Mo sọ fún ọ pé ìkà ni lánlọ́ọ̀dù. Kì í ṣe ìkà. Owó náà ti pé lọ́wọ́ mi. Mo fi ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò mi, mo ní ọjà á dá a padà. Ọjà ò dá a padà.

Lọ bá lánlọ́ọ̀dù kó tó di Jímọ̀, má lọ lọ́wọ́ òfìfo. Dá ọjọ́ tí ìyókù máa dé fún un, ọjọ́ tí apá rẹ ká. Kí o pè mí bí o bá ti ibẹ̀ dé. Bí bàbá rẹ ló bá gbé e, má sọ ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yẹn fún un, kò mọ̀ títí dòní.

Èmi ìyá rẹ.