Lẹ́tà sí Àyìnkẹ́ lórí iye owó-oṣù méjì tí kò bára mu

Ìjẹ̀bú-Òde

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ìwé tí ọ́fíìsì owó-orí kọ sí ọ. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ rẹ ròyìn pé o gba ₦2,250,000 ní ọdún 2025, ìwọ sì kọ ₦1,707,568 sínú Fọ́ọ̀mù A rẹ. O ní o fẹ́ kọ iye tiwọn kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ o. O mọ̀ pé ìdí owó-oṣù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo jókòó ti gbogbo ìwé tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, ohun tí mo rí ni pé ìwọ àti ilé-iṣẹ́ rẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣàṣìṣe.

Tìrẹ ni ká kọ́kọ́ mú. Aláàtì báńkì ni o rò pọ̀, àbí? Owó tó wọ báńkì ni èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ. Fọ́ọ̀mù H1 tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún, owó kó tó di pé wọ́n yọ nǹkan kan ló wà níbẹ̀. Wo ìwé owó-oṣù rẹ ti December. Lókè pátápátá, ₦180,000. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ́ńṣọ̀n ₦12,000, owó-orí ₦15,702 àti kọ́bọ̀ díẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ₦10,000. Ohun tó kù nísàlẹ̀ ni aláàtì rẹ.

Ní oṣù méjìlá, pẹ́ńṣọ̀n jẹ́ ₦144,000, owó-orí ₦188,432, alájẹṣẹ́kù ₦120,000. Àròpọ̀ wọn ni ₦452,432, ìyẹn sì ni ìwọ fò dá. Òótọ́ ni pé owó-orí kì í kan pẹ́ńṣọ̀n, ṣùgbọ́n ó ní ìlà tirẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́. O ò lè yọ ọ́ sílé kó o tó kọ iye owó rẹ. Ti alájẹṣẹ́kù ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Owó tìrẹ ni, ìwọ lo ní kí wọ́n máa bá ọ fi pamọ́, nítorí náà ìjọba kò ní torí rẹ̀ dín owó-orí rẹ kù. Iye tó yẹ kí o kọ ni ₦2,160,000.

Ó wá ku ₦90,000 tó wà lọ́dọ̀ wọn tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ. Mo yẹ ìwé oṣù méjèèjìlá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí o sọ fún mi lójú ọ̀nà Ìpẹ̀rù pé wọ́n fọwọ́ sí owó ìsinmi fún yín ní September, wọn ò sì san án títí ọdún fi parí. Ó jọ pé òun ni. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni ìlà owó-orí tó wà nínú ìwé tí ọ́fíìsì owó-orí kọ sí ọ: ₦188,432 géérégé, iye tí wọ́n yọ lórí ₦2,160,000. Ká ní wọ́n san ₦90,000 náà lóòótọ́, owó-orí ì bá ti fi ₦13,680 lé sí i, torí lábẹ́ òfin tó wà ní 2025, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló máa ṣẹ́ kúrò, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún sì máa jẹ́ owó-orí lórí ₦72,000 tó kù. Owó tó gba inú àkọ́sílẹ̀ owó-oṣù kọjá kò lè ṣàìfa owó-orí tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan ló fọwọ́ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Bí o bá sì gbà fún wọn, ₦13,680 náà ni wọn yóò ní kí o wá san, lórí owó tí o kò rí.

Bá oníṣirò owó ilé-iṣẹ́ yín sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti san ₦90,000 hàn ọ́. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi Fọ́ọ̀mù H1 tí wọ́n tún ṣe ránṣẹ́, kí wọ́n sì fún ọ ní lẹ́tà tó sọ bẹ́ẹ̀. Má dúró dè wọ́n kó o tó lọ sí ọ́fíìsì owó-orí o. Lọ láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, mú ìwé oṣù méjèèjìlá, àkọsílẹ̀ báńkì àti fọ́ọ̀mù tí o tún kọ dání. Gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tìrẹ. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di ìwé tó ní iye tí o máa san, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lo ní láti kọ̀wé ta kò ó.

Bí oníṣirò owó náà bá wá fi hàn ọ́ pé wọ́n san owó náà sí àkáǹtì rẹ mìíràn, pè mí kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ìyá rẹ